Pélé Tí Fóònù Nù Kúrò Lójú Fatimah

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó fara balẹ̀ kí n sọ̀rọ̀ tán ná. Mo fi ojú mi méjèèjì búra, àwọn ojú tó ti ka ìwé ju ti ọ̀pọ̀ olùkọ́ lọ láìsí ẹni tó jókòó kọ́ mi ní á bí dí, pé kò sí ẹyọ irọ́ kan nínú ìtàn yìí. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí ojú náà fọ́. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́.

Làsísì ni orúkọ ọkùnrin náà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n Agége ló ti gbó. Ṣọ́ọ̀bù fọ́tò rẹ̀ kò jìnnà sí ojú irin rélùwéè, débi pé bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá, àwọn fọ́tò tó fi kọ́ ara ògiri a máa jó bí ìgbà tí ẹ̀mí wọ inú wọn. Láyé ìgbà tí fọ́tò ṣì jẹ́ dúdú àti funfun, pẹ́ńsù tó gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́ ni ó fi ń tún ojú ènìyàn ṣe lórí fíìmù. Ó lè yọ oówo kúrò lórí imú gómìnà kí gómìnà fúnra rẹ̀ má mọ̀ pé òun ní oówo rí. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sá lọ máa ta omi inú ọ̀rá, Làsísì jókòó tì í títí ó fi mọ̀ ọ́n ju ẹni tó ṣe é lọ.

Nítorí pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń bo àbùkù, kò sí àbùkù tí wọ́n bò tí kò mọ̀. Wọ́n ní ó lè dúró sí òdìkejì ojú irin kó wo fọ́tò tó wà lọ́wọ́ rẹ ní ìhín, kó sì sọ fún ọ pé, “Àgbọ̀n ẹni yẹn kì í ṣe tirẹ̀.” Mo gbà á gbọ́. Àwọn tó fẹ́ gba òṣìṣẹ́ wá láti Ọmọlé, àwọn tó fẹ́ fi ọmọ fọ́kọ wá láti Ìfàkọ̀, gbogbo wọn a máa mú fóònù wá bá a pé kó báwọn wo ojú ẹni tí àwọn kò tíì rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àdùkẹ́ tó ń ta ìpara ní ṣọ́ọ̀bù kejì na fóònù sí i.

“Bàbá Fatimah, ẹ bá mi wo nǹkan yìí kí n tó kówó lé e.”

“Ta nìyí?”

“Ẹni tó ń kó ìpara wá fún wa láti Ìkẹjà ló fi ránṣẹ́. Ó ní obìnrin kan náà ni. Ti ọwọ́ òsì, kò tíì lo ìpara. Ti ọwọ́ ọ̀tún, ó ti lò ó.”

Làsísì fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà lójú fóònù. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ìpara yìí lágbára o. Ó pa ojú rẹ̀ dán, ó sì tún tẹ férémù ilẹ̀kùn.”

“Ilẹ̀kùn báwo?”

“Wo férémù tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti òkè, ó ń bọ̀ gbọnrangandan. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó tẹ̀ wọnú bí ọrun ọdẹ. Nígbà tó kọjá ọrùn, ó tún nà. Ilẹ̀kùn wo lo rí tó ń bẹ̀rẹ̀ kí obìnrin lè lẹ́wà?”

“Bóyá káfíńtà ni ò mọṣẹ́.”

“Káfíńtà tí ò mọṣẹ́, gbogbo ilẹ̀kùn ló máa bà jẹ́, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin nìkan. Wọ́n fún àgbọ̀n rẹ̀ wọlé ni kó lè rí ṣóńṣó. Ẹni tó bá sì fa aṣọ orí tábìlì, abọ́ orí rẹ̀ á tẹ̀lé e. Ohunkóhun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, yálà ilẹ̀kùn ni, yálà irin fèrèsé, á tẹ̀lé ojú lọ.” Ó fi ìka kan ọwọ́ obìnrin inú fọ́tò. “Wo ọwọ́ tó fi mú ìpara. Ìka rẹ̀ hunjọ, ọrùn rẹ̀ ní ìlà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ńkọ́? Ihò ara dà? Irun wẹ́wẹ́ etí rẹ̀ dà? Ojú ọmọ ọwọ́ ni wọ́n gbé lé ọrùn ìyá àgbà.”

Àdùkẹ́ kọ hà. “Mo kúkú ti rí i pé ó ń dán jù.”

“Má fi dídán nìkan dájọ́ ẹnikẹ́ni o. WhatsApp a máa fún fọ́tò pọ̀ kó lè fò wẹ́rẹ́, ìyẹn náà a máa nu ihò ara. Kámẹ́rà tó bá sún mọ́ nǹkan jù náà a máa tẹ ìlà, ṣùgbọ́n etí fọ́tò yípo ló ti ń tẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n nìkan ló ti tẹ̀, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tún dán ju ọrùn lọ, ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án. Tàbí kí fóònù fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ kàn án. Àwọn fóònù ìsinsìnyí kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni.”

“Ẹ ṣeun, Bàbá Fatimah. Ẹ ti gba owó mi lẹ́nu ìkookò.”

“Kí o kàn má ta ìpara fún ìyá Fatimah. Ojú ẹ̀ bó ṣe rí ni mo fẹ́.”

Fatimah nìkan ni ọmọ tí Ọlọ́run dá sí fún òun àti Hassanat ìyàwó rẹ̀. Ilé iṣẹ́ bísíkíìtì ní Ìlúpéjú ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ni wọ́n fi sí ibi tí wọ́n ti ń di bísíkíìtì sínú páálí, a sì máa gbóòórùn ṣúgà wọlé bí ẹni wẹ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ ọlọ́yàyà ni, onígboyà ni. Ó ní pélé, mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti jáwọ́ nínú ilà kíkọ, ìyá Làsísì ló dúró lórí ẹsẹ̀ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé dandan ni kí wọ́n bu pélé sí ọmọ náà lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó ní àbúrò bàbá òun kan sọnù nígbà kan, ojú ilà ni wọ́n fi dá a mọ̀ lẹ́yìn odi, tí wọ́n fi mú un padà wálé. Ó ní bí ọmọ bá sọnù ní Èkó tó kún bí omi òkun yẹn, kí lẹ máa fi wá a?

Nígbà tí Fatimah wà ní ilé-ìwé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa bi í pé ológbò wo ló họ ọ́ lójú. Ó sunkún dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ìwé ìdánwò. Bàbá fẹ́ràn ọmọ. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó nu pélé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kúrò, ọmọ rẹ́rìn-ín, omijé gbẹ. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí fọ́tò Fatimah tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù náà tí pélé wà nínú rẹ̀. Nígbà tó ra fóònù tirẹ̀, kò bẹ bàbá rẹ̀ mọ́. Fílítà inú fóònù ń bá a ṣe é.

Ọjọ́ Àlàmísì kan ni Fatimah kò padà wálé láti ibi iṣẹ́.

Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ já àwọn yòókù sílẹ̀, kò sí nínú wọn. Wọ́n ní ó ti rìn síwájú pé òun fẹ́ ra nǹkan ní òdìkejì títì. Wọ́n pe fóònù rẹ̀, ó ń dún, nígbà tó yá kò dún mọ́. Hassanat fi aṣọ kan náà tó wọ̀ ní àárọ̀ sùn, bí oorun bá ṣeé pè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Làsísì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó sì wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ láti ṣe pósítà.

Ó mú fọ́tò tó dára jù nínú èyí tí Fatimah fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lórí WhatsApp. Ọmọ náà dúró síwájú fèrèsé kan ní ibi iṣẹ́, ó wọ hìjáábù aláwọ̀ ewé, ó rẹ́rìn-ín. Làsísì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Fatimah, ó pupa díẹ̀, kò ga púpọ̀, aṣọ báyìí báyìí ló wọ̀. Kò kọ ọ́ pé ó ní pélé. Ta ló ń kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé ẹni yìí ní imú? Gbogbo ìgbà tó bá wo fọ́tò yẹn, ó ń rí ọmọ rẹ̀ tán porogodo, pélé rẹ̀ mẹ́fà ń bẹ níbẹ̀. Ojú bàbá ló ń fi wò ó, kì í ṣe ojú oníṣẹ́. Hassanat náà gbé pósítà sí àyà, ó sunkún sí i lára, òun náà rí ọmọ rẹ̀ tán.

Òun àti Àdùkẹ́ lẹ pósítà náà láti Agége dé Oṣòdì, láti Oṣòdì dé Ìlúpéjú. Ara òpó iná, ara ògiri mọ́ṣáláṣí, ara géètì ilé iṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé kò rí pósítà yẹn lọ́sẹ̀ náà, a jẹ́ pé kò jáde nílé.

Làsísì wọ gbogbo ọsibítù tó wà ní ojú ọ̀nà. Ní èyí tó wà ní Ìlúpéjú, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Tinúadé ló bá nídìí tábìlì. Obìnrin náà kà á sí. Ó gba pósítà, ó wò ó dáadáa, ó tilẹ̀ gbé e síwájú iná.

“Ẹ má bínú, bàbá. Ẹnì kan wà tí wọ́n gbé wá tí a ò mọ orúkọ rẹ̀, ọ̀kadà ló gbá a. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni yìí.”

“Ṣé kí n kúkú wọlé wò ó?”

“Wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni wọ yàrá yẹn, bàbá, ìtọ́jú tó le ni wọ́n ń ṣe fún un. Mo ti rí i fúnra mi, mo sì ti rí fọ́tò yín. Wọn ò jọra rárá. Àgbọ̀n tiyín tín-ínrín. Ti èyí fẹ̀.”

“Ọlọ́run á jẹ́ ká rí tiwa.”

“Àmín, bàbá. Màá fi pósítà yìí sí ara géètì fún yín.”

Ó sì fi í síbẹ̀, lóòótọ́. Pósítà Fatimah lẹ̀ mọ́ géètì ọsibítù, Fatimah wà nínú ọsibítù.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Hassanat kò jẹun mọ́ àfi tí Àdùkẹ́ bá fi ṣíbí sí i lẹ́nu. Àwọn òpùrọ́ ń pè láti orí fóònù pé àwọn rí i ní Ṣàgámù, pé kí wọ́n fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́. Làsísì wá pinnu pé pósítà kékeré kò tó. Ó fẹ́ tẹ ńlá kan, èyí tó máa ga bí ènìyàn, tí wọ́n máa gbé kọ́ sí ibùdókọ̀, kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó ń sáré lè rí i.

Ẹni tó bá fẹ́ tẹ fọ́tò ní ńlá, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, kó wò ó bóyá á fọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Làsísì máa fi ojú oníṣẹ́ wo ojú ọmọ rẹ̀. Ó fẹ fọ́tò náà. Ó tún fẹ̀ ẹ́. Ó wo ẹ̀yìn orí ọmọ náà, níbi tí irin fèrèsé tò sí, irin gígùn gígùn tí wọ́n kùn ní dúdú.

Irin tó wà lápá ọ̀tún sọ̀kalẹ̀ gbọnrangandan, ó dé ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n, ó tẹ̀ wọnú. Èyí tó wà lápá òsì tẹ̀ wọnú. Nígbà tí wọ́n kọjá ọrùn, wọ́n nà padà.

Làsísì tún fẹ̀ ẹ́ sí i. Ó gbé ojú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó dán bí àbẹ́là. Létí hìjáábù, níbi tí ojú àti aṣọ ti pàdé, ìlà kan wà tó ṣú, bí ibi tí ẹni nu ògiri dé tó rẹ̀ ẹ́. Ó ṣí fọ́tò mìíràn, èyí tó yà lọ́jọ́ ọdún Iléyá. Táìlì ara ògiri tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbọ̀n. Ó ṣí òmíràn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró tì í nínú ìyẹn, ojú ọ̀rẹ́ náà dán bákan náà, ojú àwọn méjèèjì tóbi bí ti òwìwí. Ó ń ṣí wọn lọ, ó ń ṣí wọn lọ.

“Hassanat.”

Hassanat jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnì níbi tó dùbúlẹ̀ sí.

“Wá wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ.”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Ó fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni fẹ́ nu eruku kúrò.

“Pélé rẹ̀ dà?”

Làsísì ṣí fọ́tò mìíràn fún un.

“Bàbá Fatimah, mo ní pélé ọmọ mi dà? Ojú ta lẹ lẹ̀ káàkiri Èkó láti ọjọ́ yìí?”

Òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ náà, ó tó gbé tírélà. Làsísì kò tilẹ̀ mọ̀ pé òjò ń rọ̀. Ó gun ọ̀kadà láti Agége dé Ìlúpéjú, ó wọ ọsibítù náà bí ẹni tí wọ́n fà yọ nínú odò. Tinúadé ló tún bá nídìí tábìlì. Kò mú pósítà kankan lọ́wọ́.

“Nọ́ọ̀sì, ọmọ tí ọ̀kadà gbá yẹn. Ṣé ó ní pélé?”

Tinúadé wò ó. Ó ti ń dìde tẹ́lẹ̀, ó tún jókòó.

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn. Mẹ́ta, mẹ́ta.”

“Bàbá, wọ́n di bándéèjì mọ́ ọn lórí dé iwájú orí. Ojú rẹ̀ wú. Yàtọ̀ sí àgbọ̀n rẹ̀, pélé yẹn nìkan ni nǹkan tí mo lè fi dá a mọ̀. Òun ni mo fi sọ fún yín pé kì í ṣe ẹni inú fọ́tò yín, torí pé ẹni inú fọ́tò yín kò ní nǹkan kan lẹ́rẹ̀kẹ́.” Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. “Kò sí àpò lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e wá, kò sí fóònù. Mo máa ń bá a sọ̀rọ̀ bí mo bá ń yí i padà. Mo máa ń pè é ní Ẹlẹ́pélé.”

“Yàrá wo ló wà?”

Tinúadé dìde, ó bọ́ síwájú tábìlì.

“Àárọ̀ àná ni, bàbá.”

Wọ́n mú un lọ sí mọ́ṣúárì. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ fa aṣọ kúrò lójú. Ara ti wálẹ̀ lẹ́yìn ikú, wíwú ti lọ. Pélé mẹ́fà wà níbẹ̀ kedere, bí ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Wọ́n ní Làsísì kò sunkún. Wọ́n ní ó tẹ̀ síwájú, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà, lápá ọ̀tún, lápá òsì, bí ó ṣe ń nu ojú fọ́tò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí ọkùnrin náà fi rọra di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Àwọn Mùsùlùmí àdúgbò wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sin ín. Ọ̀pọ̀ ló wá sọ fún Làsísì pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Tinúadé pàápàá wá, ó jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́dọ̀ Hassanat, ó ń sunkún, Hassanat ló ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn.

Nígbà tí fídáù kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, Hassanat sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú.

“Bàbá Fatimah, mo fẹ́ fọ́tò ọmọ mi. Èyí tó ní ojú tirẹ̀. Màá máa wò ó.”

Làsísì wá a. Ó wá inú kọ̀ǹpútà, ó wá inú fóònù Hassanat, ó pe àwọn ọ̀rẹ́ Fatimah ní ilé iṣẹ́ bísíkíìtì. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún fọ́tò ni, ojú kan náà ni, ojú tó dán, àgbọ̀n ṣóńṣó. Ti kékeré rẹ̀ tó wà lórí ìwé, omi ti gbé wọn lọ lọ́dún tí àgbàrá wọlé ní Agége, àfi èyí tí wọ́n yà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, kí wọ́n tó kọlà fún un.

Ó wá jókòó láti ṣe é. Ọkùnrin tó yọ oówo kúrò lórí imú gómìnà. Ó fa àgbọ̀n náà síta díẹ̀ kó lè fẹ̀ bó ṣe yẹ. Irin fèrèsé nà padà, ó tọ́, ṣùgbọ́n àgbọ̀n yẹn kò jọ ti ẹnikẹ́ni. Ó fà á sí i, ó fà á sẹ́yìn. Ó wá gbìyànjú pélé. Ó kọ ìlà mẹ́ta sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, ó kọ mẹ́ta sí èkejì. Awọ ibẹ̀ ti dán jù, kò gba ilà mọ́. Pélé náà léfòó lórí rẹ̀ bí ìgbà tí ọmọdé fi bírò kọ nǹkan sára àwo. Ó bu àmì wẹ́wẹ́ bí ihò ara sí i. Ó fi òjìji sí i. Ó di ojú, ó ń wá bí pélé ọ̀tún ṣe gùn tó sí ti òsì, èyí tó tẹ̀ díẹ̀ nínú wọn, ó wá rí i pé òun kò mọ̀ ọ́n dájú. Ọmọ tó gbé lọ́wọ́. Ó ti nù ún lójú fọ́tò fún ìgbà pípẹ́, kò wò ó dáadáa mọ́.

Ó tẹ èyí tó dára jù nínú wọn, ó gbé e fún Hassanat.

Hassanat wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó yí i sí èkejì.

“Ta nìyí?”

“Fatimah ni.”

“Rárá.” Ó dá a padà fún un, kò bínú, ó rọra dá a padà. “Ẹ má dà á láàmú mọ́, Bàbá Fatimah. Òun kọ́ nìyí.”

Wọ́n ṣe fídáù láìsí fọ́tò kankan lára ògiri. Láti ìgbà náà, Làsísì kì í bá ẹnikẹ́ni wo fọ́tò mọ́. Ẹni tó bá mú fóònù wá pé kó wò ó bóyá ojú yìí jẹ́ òótọ́, á ní ojú òun kò ríran mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ṣì ń wá pé kó bá àwọn pa ojú àwọn dán, ó sì ń ṣe é fún wọn, torí kò mọ iṣẹ́ mìíràn, ará ilé ò sì lè wà láìjẹun. Bí ó bá dé ibi ẹ̀rẹ̀kẹ́, á dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà, á nù ún.

Ẹni tó bá rò pé mo fi iyọ̀ sí i, kó lọ sí Agége, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, kó béèrè Àdùkẹ́ oníìpara. Ó ń bẹ láàyè, ara rẹ̀ le. Ojú rẹ̀ ni Hassanat ṣe dá fọ́tò náà padà.